Orí Kẹfà: Bí A Ṣe Ń Kọ Rìgírẹ́ṣọ̀n Aláyípadà Púpọ̀ Sínú Abala Ìlànà Ìwádìí

Gbólóhùn kan wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ: "A lo rìgírẹ́ṣọ̀n láti tú dátà palẹ̀. A yẹ àwọn àbá ìpìlẹ̀ rẹ̀ wò, gbogbo wọn sì péye." Ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń kà á. Onítọ̀hún kò mọ ayípadà tó wọ inú ìṣirò, kò mọ bí a ṣe sọ ẹ̀yà tàbí sìgá mímu di nọ́ńbà, kò sì mọ ohun tí òǹkọ̀wé ì bá ṣe ká ní àwọn àbá ìpìlẹ̀ náà kò péye. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni orí yìí ń lò: bí a bá gbé dátà rẹ àti abala ìlànà ìwádìí rẹ fún ẹlòmíràn, láìsí ìwọ níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lè tún ìṣirò náà ṣe, kó sì rí iye kan náà tí o rí.

Dátà tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ

Dátà tí a ó máa lò ń jẹ́ `birthwt`. Ó wà nínú àkójọ `MASS` tí ń bá ètò R wá, nítorí náà ẹnikẹ́ni lè ṣí i kó sì tẹ̀ lé wa. Àkọsílẹ̀ ìyá 189 ni, láti ilé-ìwòsàn Baystate Medical Center ní ìlú Springfield, ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dún 1986. Ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún ìyá kan àti ọmọ tó bí. Ìwọ̀n ọmọ náà wà níbẹ̀ ní gíráàmù, láti 709 títí dé 4,990. Ọjọ́ orí ìyá wà níbẹ̀, àti ìwọ̀n ara rẹ̀ nígbà nǹkan oṣù tó rí kẹ́yìn kó tó lóyún, ẹ̀yà rẹ̀, bóyá ó mu sìgá nínú oyún, àti mélòó kan nínú ìtàn ìlera rẹ̀.

Ìbéèrè wa ni pé: ǹjẹ́ sìgá mímu nínú oyún ní ìbátan pẹ̀lú ìwọ̀n ọmọ, lẹ́yìn tí a bá ti mú ọjọ́ orí, ìwọ̀n ara, ẹ̀yà àti ìtàn ìlera ìyá mọ́ ọn nínú ìṣirò kan náà? Ìyá 74 ló mu sìgá, 115 kò mu ún. Ìwọ̀n ọmọ ni ayípadà àbájáde, sìgá ni ayípadà tí ìbéèrè wa dá lé. Àwọn yòókù wọlé kí ìfiwéra tó wà láàárín amusìgá àti ẹni tí kò mu ún má bàa jẹ́ ìfiwéra ọlọ́jọ́ orí kan pẹ̀lú ọlọ́jọ́ orí mìíràn, tàbí ti ẹ̀yà kan pẹ̀lú ẹ̀yà mìíràn.

Kí o tó kọ nǹkan kan nípa ìṣirò, sọ ẹni tó wà nínú dátà náà àti bó ṣe débẹ̀. Nínú ìyá 189 yìí, 59 ló bí ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó 2,500 gíráàmù. Ìyẹn lé díẹ̀ ní 31 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bíi 7 nínú ọgọ́rùn-ún ni ní gbogbo Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1980 sí 1989. Àwọn ìyá wọ̀nyí kò ṣojú fún gbogbo aboyún, gbólóhùn kan sì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún òǹkàwé.

Ayípadà tó wọlé, èyí tó dúró síta, àti ìdí rẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Kò tó kí o to orúkọ ayípadà jọ. Kọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi wọlé, kí o sì kọ ìdí tí àwọn tó wà nínú dátà kò fi wọlé. Òfin kan tó ṣeé dúró lé wà fún irú ìbéèrè tiwa yìí: ohun tó ti wà kí oyún tó dé ni kó wọlé. Ọjọ́ orí ti wà. Ìwọ̀n ara kí oyún tó dé ti wà, ẹ̀yà ti wà, àti ẹ̀jẹ̀ ríru tí ìyá ti ní tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìrọbí àìtọ́jọ́ tó ti ṣẹlẹ̀ sí i nínú oyún àtẹ̀yìnwá. Àwọn wọ̀nyí lè ní ọwọ́ nínú ìwọ̀n ọmọ, kí wọ́n sì tún yàtọ̀ láàárín àwọn tó ń mu sìgá àti àwọn tí kì í mu ún.

Ayípadà `ui` ń sọ bóyá ilé-ọmọ ìyá ń fún pọ̀ láìtásìkò. Inú oyún ni ìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé sìgá wà lára ohun tó ń fà á, tí òun náà sì ń dín ìwọ̀n ọmọ kù, ojú ọ̀nà tí ipa sìgá ń gbà ló wà. Bí a bá fi í sínú ìṣirò, a ti gé lára ohun tí a fẹ́ wọ̀n kúrò. Bákan náà ni `ftv`, iye ìgbà tí ìyá lọ rí dókítà nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. A fi méjèèjì sílẹ̀, a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta tó dúró síta léwu jù wọ́n lọ. `low` jẹ́ 1 bí ọmọ kò bá tó 2,500 gíráàmù, ó sì jẹ́ 0 bó bá tó. Àbájáde fúnra rẹ̀ ni, tí a gé sí méjì. Ẹni tó bá kó gbogbo òpó dátà náà sínú ìṣirò láìwò ó yóò fi ìwọ̀n ọmọ ṣàlàyé ìwọ̀n ọmọ. Ohun tí yóò fi mọ̀ ni pé `R²` yóò ga ju bó ṣe yẹ lọ, ipa sìgá àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru yóò sì rọ lójijì. Nígbàkigbà tí iye kan bá dára jù láti jẹ́ òótọ́, kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀dà àbájáde kan ti bá ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé.

Ẹyọ ìwọ̀n àti bí a ṣe sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà

Iye ipa kan kò ní ìtumọ̀ bí òǹkàwé kò bá mọ ẹyọ ìwọ̀n rẹ̀. Ìwọ̀n ara ìyá nínú dátà yìí jẹ́ pọ́n-ùn, kì í ṣe kílógíráàmù. Kọ ọ́. Ọdún ni ọjọ́ orí. Sìgá jẹ́ 1 fún ẹni tó mu ún àti 0 fún ẹni tí kò mu ún, ẹ̀jẹ̀ ríru náà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Nínú fáìlì, nọ́ńbà 1, 2 àti 3 ni wọ́n kọ: 1 fún funfun (96), 2 fún dúdú (26), 3 fún ẹ̀yà mìíràn (67). Bí o kò bá sọ fún R pé orúkọ lásán ni àwọn nọ́ńbà yìí, yóò kà wọ́n sí iye. Yóò gbà pé ìyàtọ̀ láàárín 1 àti 2 dọ́gba pẹ̀lú ti 2 àti 3. Ohun tó tọ́ ni kí a yan ẹgbẹ́ kan bí ẹgbẹ́ ìfiwéra, kí a sì fi ayípadà 0/1 méjì dúró fún àwọn méjì tó kù. Funfun ni ẹgbẹ́ ìfiwéra wa, nítorí pé òun ló pọ̀ jù. Sọ èyí tí o yàn, nítorí pé àwọn iye tí ìwọ àti ẹlòmíràn rí yóò yàtọ̀ bí ẹgbẹ́ ìfiwéra yín bá yàtọ̀.

Ìrọbí àìtọ́jọ́ wà nínú fáìlì bí iye ìgbà: ìyá 159 kò ní i rí, 24 ní i lẹ́ẹ̀kan, 5 lẹ́ẹ̀mejì, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mẹta. Bí a bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyá mẹ́fà péré ni yóò máa sọ bí ipa ẹ̀ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta ṣe rí. A pa á pọ̀ sí "kò ní i rí" àti "ó ti ní i rí", 159 àti 30. Ìpinnu ni èyí, kì í ṣe ohun tí dátà fúnra rẹ̀ sọ. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ hàn nínú abala ìlànà ìwádìí.

Gbogbo rẹ̀ kò ju ìlà mélòó kan lọ nínú R:

```r
library(MASS)
d <- birthwt
d$race <- factor(d$race,
  labels = c("white", "black", "other"))
d$ptd <- as.integer(d$ptl > 0)
m <- lm(bwt ~ smoke + age + lwt + race + ht + ptd,
  data = d)
plot(m)
summary(m)
car::vif(m)
```

Bí àwọn ayípadà ṣe wọlé

Lẹ́yìn orúkọ wọn, sọ ìlànà tí wọ́n gbà wọlé. Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Wọ́n lè wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí SPSS ń pè ní `Enter`. Wọ́n lè wọlé ní ìpele, bíi kí ìtàn ìlera kọ́kọ́ wọlé kí sìgá tó tẹ̀ lé e, láti mọ iye tí sìgá fi kún un. Bó bá jẹ́ èyí, kọ ohun tó wà nínú ìpele kọ̀ọ̀kan àti ìdí tí a fi tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí kọ̀ǹpútà máa mú wọn wọlé kó sì máa yọ wọ́n jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí SPSS ń pè ní `Stepwise`.

Kò yẹ kí a lo ẹ̀kẹta yìí fún ìbéèrè tó ti ní ayípadà pàtó lọ́kàn. Dátà kan náà ni kọ̀ǹpútà fi ń yan ayípadà, òun náà ló tún fi ń dán wọn wò. Nítorí náà iye `p` tó máa ń tẹ̀ jáde kéré ju bó ṣe yẹ lọ, àlàfo ìdánilójú náà sì fún jù. Ìbátan rẹ̀ ni àṣà kí a dán ayípadà kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀, kí a wá mú kìkì àwọn tí `p` wọn kò tó 0.05 wọlé. Ayípadà kan lè dàbí aláìwúlò bó bá dá wà, kó sì wá ṣe pàtàkì nígbà tí ó bá wà pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí o bá ti lò ó, kọ pé o lò ó. Bí o kò bá lò ó, gbólóhùn kan tó: gbogbo ayípadà ni a yàn kí a tó wo àbájáde, gbogbo wọn sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn àbá ìpìlẹ̀: ohun tí a wò àti ohun tí a ì bá ṣe

Kí o tó kọ "a yẹ ẹ́ wò", dáhùn ìbéèrè méjì: kí ni o fi yẹ̀ ẹ́ wò, kí ni ì bá sì yí padà nínú iṣẹ́ rẹ bí kò bá péye? Àyẹ̀wò tí kò lè yí ìpinnu kankan padà kò ní iṣẹ́ nínú abala yìí.

Kọ́kọ́ wo bí ìbátan náà ṣe gbọọrọ tó. Àṣẹ `plot(m)` yóò ya gíráàfù mẹ́rin. Àkọ́kọ́ fi àṣẹ́kù, ìyẹn ìyàtọ̀ láàárín iye gidi àti iye tí ìṣirò sọ, hàn lókè iye tí ìṣirò sọ. Bí ojú ìlà tó gba àárín wọn bá tẹ̀ bí ọrun, ìbátan náà kò gbọọrọ. Ọjọ́ orí àti ìwọ̀n ara ìyá nìkan ni ìbéèrè yìí kàn, nítorí pé ayípadà 0/1 kò ní ju ojú méjì lọ, ìlà gbọọrọ kan ló sì lè so ojú méjì pọ̀. Ìpinnu wa ni pé bí ìtẹ̀ bá hàn, a ó fi ìlọ́po ayípadà náà pẹ̀lú ara rẹ̀ kún ìṣirò.

Gíráàfù kan náà, pẹ̀lú ẹ̀kẹta, ń fi hàn bóyá àṣẹ́kù fẹ̀ bákan náà láti òsì dé ọ̀tún. Bí ó bá ń fẹ̀ sí i bí iye ti ń ga, iye ipa kò fi dandan ṣì, àmọ́ àṣìṣe ìdíwọ̀n rẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé. Àtúnṣe tó wọ́pọ̀ ni àṣìṣe ìdíwọ̀n HC3, tí MacKinnon àti White gbé jáde lọ́dún 1985.

Gíráàfù kejì, Q-Q, wà fún bí àṣẹ́kù ṣe pín. Àṣẹ́kù ni mo wí. Ọ̀pọ̀ ń kọ pé gbogbo ayípadà àwọn ló yege àyẹ̀wò Shapiro–Wilk, bẹ́ẹ̀ ìṣirò yìí kò béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ayípadà aṣàlàyé. Sìgá tó jẹ́ 0 tàbí 1 kò lè pín bí aago láéláé, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Pẹ̀lú ènìyàn 189, ìyàtọ̀ kékeré ní ìrù Q-Q kì í da àlàfo ìdánilójú iye ipa rú.

Òmìnira ìlà sí ìlà ni àbá tí dátà yìí fi kọ́ wa lọ́gbọ́n jù. Àṣà ti di pé kí a ṣe àyẹ̀wò Durbin–Watson nínú gbogbo iṣẹ́, kí a sì kọ pé iye rẹ̀ sún mọ́ 2. Àyẹ̀wò yẹn ń fi àṣẹ́kù ìlà kan wé ti ìlà tó tẹ̀ lé e. Ó wúlò fún dátà tó ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ àkókò. Ṣùgbọ́n nínú `birthwt`, ìwọ̀n ọmọ ni wọ́n fi to ìlà: àwọn ọmọ tó tó 2,500 gíráàmù ló ṣáájú, láti orí 2,523 títí dé 4,990, àwọn tí kò tó o tẹ̀ lé wọn láti orí 709 lọ sókè. Àṣẹ́kù kékeré yóò máa tẹ̀ lé kékeré, ńlá yóò máa tẹ̀ lé ńlá, Durbin–Watson yóò sì já wálẹ̀ jìnnà sí 2 bí ẹni pé ewu wà. Po ìlà náà pọ̀ láìtòlẹ́sẹẹsẹ, kí o tún un ṣe, yóò padà sí ìtòsí 2, bẹ́ẹ̀ ìyá kankan kò yí padà. Ọ̀nà tí a gbà kó dátà jọ ni a fi ń dáhùn ìbéèrè òmìnira: ìyá kan, ìlà kan. Bó bá jẹ́ pé ìyá kan fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, tàbí pé ilé-ìwòsàn mẹ́wàá ni dátà ti wá, ìṣirò tó mọ̀ nípa ẹgbẹ́ ni yóò yẹ wá.

Ìjọra láàárín ayípadà aṣàlàyé ni `VIF` ń wọ̀n. Nítorí pé ẹ̀yà ní ayípadà 0/1 méjì, `car::vif` yóò fi `GVIF` hàn dípò rẹ̀, èyí tí Fox àti Monette ṣàlàyé lọ́dún 1992. Òpó tó kẹ́yìn ni kí o kà, kí o sì fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ kí o tó fi wé ààlà tí o yàn. Kọ ààlà náà, yálà 5 tàbí 10. Bí ọ̀kan bá kọjá rẹ̀, má yọ ayípadà tí ìbéèrè rẹ nílò kìkì nítorí ìyẹn. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé àlàfo ìdánilójú ayípadà náà yóò fẹ̀.

Gíráàfù kẹrin ń fi ìlà tó ń fa ìṣirò sọ́dọ̀ ara rẹ̀ hàn, pẹ̀lú òṣùwọ̀n Cook ti ọdún 1977. Ọ̀kan wà nínú dátà yìí tí kò ṣeé fojú fò. Ìyá tó dàgbà jù jẹ́ ẹni ọdún 45, ẹni tó tẹ̀ lé e kò ju 36 lọ, òun yìí kan náà ló sì bí ọmọ tó wúwo jù, 4,990 gíráàmù. Ìlà kan ṣoṣo yìí lè yí ipa ọjọ́ orí padà. Kò sí ẹ̀rí pé wọ́n ṣì í kọ, nítorí náà a kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ ní bòókẹ́lẹ́. Fi í sílẹ̀ nínú ìṣirò gangan, tún ìṣirò náà ṣe láìsí i, kí o sì sọ nínú abala ìlànà ìwádìí pé méjèèjì ni o ó fi hàn.

Ìpínrọ̀ náà lódindi

Gbogbo ohun tí a ti sọ yóò wá rí báyìí lórí ìwé:

"A lo rìgírẹ́ṣọ̀n onílà gbọọrọ aláyípadà púpọ̀ láti wo ìbátan tó wà láàárín sìgá mímu nínú oyún àti ìwọ̀n ọmọ ní gíráàmù. Ìyá 189 ló wà nínú dátà, kò sì sí àlàfo kankan nínú àwọn ayípadà tí a lò. Nítorí pé àwọn ìyá tí ọmọ wọn kò tó 2,500 gíráàmù pọ̀ nínú wọn ju bó ṣe rí láwùjọ lọ, a kò ka àbájáde sí ti gbogbo aboyún. Àwọn ayípadà aṣàlàyé ni sìgá (bẹ́ẹ̀ ni/bẹ́ẹ̀ kọ́), ọjọ́ orí ìyá (ọdún), ìwọ̀n ara rẹ̀ nígbà nǹkan oṣù tó kẹ́yìn (pọ́n-ùn), ẹ̀yà (funfun ni ẹgbẹ́ ìfiwéra, dúdú, mìíràn), ẹ̀jẹ̀ ríru àtẹ̀yìnwá, àti ìrọbí àìtọ́jọ́ àtẹ̀yìnwá, tí a pa pọ̀ sí 'kò ní i rí' àti 'ó ti ní i rí' nítorí pé ìyá mẹ́fà péré ló ní i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. A yàn wọ́n kí a tó wo àbájáde, nítorí pé wọ́n ti wà kí oyún tó dé, gbogbo wọn sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. A kò lo fífúnpọ̀ ilé-ọmọ àti iye ìbẹ̀wò dókítà, nítorí pé inú oyún ni méjèèjì ti ń ṣẹlẹ̀. A fi gíráàfù àṣẹ́kù yẹ gbígbọọrọ ìbátan àti ìdọ́gba fífẹ̀ wò, a fi Q-Q yẹ ìpín àṣẹ́kù wò, a sì fi `GVIF` (ààlà: 5) yẹ ìjọra ayípadà wò. Bí fífẹ̀ àṣẹ́kù kò bá dọ́gba, àṣìṣe ìdíwọ̀n HC3 ni a ó lò. Ìyá kan kò ju ìlà kan lọ. A fi òṣùwọ̀n Cook wá ìlà tó lágbára jù, a sì tún ìṣirò ṣe láìsí ìyá ẹni ọdún 45. Iye ipa wà pẹ̀lú àlàfo ìdánilójú 95%. R ni a fi ṣe gbogbo ìṣirò."

Fi nọ́ńbà ẹ̀dà R àti ti àkójọ `car` tí o lò sí gbólóhùn tó kẹ́yìn. Kíyè sí i pé iye ipa, `R²` àti ohun tí gíráàfù fi hàn kò sí níbẹ̀. Abala àbájáde ló ni wọ́n. Má sì kọ pé sìgá "ń fa" ohunkóhun, nítorí àkíyèsí ni dátà yìí, kì í ṣe ìdánwò.

Kí o tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún alábòójútó rẹ, ka ìpínrọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí R tẹ̀ jáde. Ayípadà mẹ́fà tí a dárúkọ gbọ́dọ̀ bí iye ipa méje, nítorí pé ẹ̀yà ní méjì, iye ìbẹ̀rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀kẹjọ. Yọ 8 kúrò nínú 189, yóò ku 181, iye yìí gan-an sì ni R gbọ́dọ̀ kọ síwájú `degrees of freedom` fún àṣẹ́kù. Bí o bá rí 182, ẹ̀yà ti wọlé bí nọ́ńbà. Bí iye náà bá kéré sí 181, ayípadà kan tí o kò dárúkọ ti wọlé, tàbí àlàfo kan nínú dátà ti jẹ́ kí R yọ ìlà kan.